Iyọ̀, Obì àti Ẹṣin: Ìjọba Wogodogo àti Ọ̀nà Ìṣòwò Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba ìhà gúúsù jáde kúrò ní Wagadugu, olú-ìlú Bùkínà Fasò, yóò rí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wága 2000. Àdúgbò tuntun ni. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni ààfin ààrẹ tí à ń pè ní Kosyam wà, pẹ̀lú ilé ìtura ńláńlá àti títì tó fẹ̀ gan-an. Bí ènìyàn bá ń bá ọ̀nà gúúsù lọ, yóò kan ìlú Pó, yóò sì dé ibodè Gánà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọ̀dà tó dé orí ilẹ̀ yìí tí àwọn oníṣòwò ti ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí gúúsù láti Wagadugu. Iyọ̀, aṣọ, ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn ni wọ́n ń kó lọ, obì sì ni wọ́n ń kó bọ̀. Ìtàn ọ̀nà yẹn àti ìtàn ìjọba tó jókòó lé e lórí ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Wogodogo ni orúkọ tí àwọn Mósì fúnra wọn ń pe ìlú náà àti ìjọba rẹ̀. Ọ̀kan ni nínú àwọn ìjọba Mósì. Yatenga wà ní àríwá rẹ̀, Tenkodogo wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, àwọn mìíràn sì wà láàárín. “Naba” ni wọ́n ń pe ọba tàbí olóyè ní èdè wọn, ọba Wogodogo sì ni Mogo Naba, èyí tí ó túmọ̀ sí ọba ilẹ̀ Mósì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Yenenga, ọmọbìnrin ọba Dagomba tó ń gbé ní Gambaga, gun ẹṣin sá kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ lọ sí àríwá, ó pàdé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Riale nínú igbó, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Wedraogo ni wọ́n sọ ọmọ náà, ìyẹn ni akọ ẹṣin, ní ìrántí ẹṣin tó gbé ìyá rẹ̀ wá. Láti ọ̀dọ̀ Wedraogo ni àwọn ọba Mósì ti ń ka ìran wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ìjọba wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìṣòwò ibẹ̀ ni pé ohun méjì tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ọjà Wogodogo, kò sí èyí tí ó ti inú ilẹ̀ Wogodogo wá. Ilẹ̀ náà kò ní ihò iyọ̀. Igi obì kò sì lè hù níbẹ̀, nítorí òjò ibẹ̀ kò tó. Iyọ̀ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, obì ń ti igbó Àṣáńtì bọ̀, Wogodogo sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

Taudeni ni ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ náà, ní àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Málì lónìí. Wọ́n ń gé e láti inú ilẹ̀ bí ẹni gé pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó nǹkan bí kílò 30 sí 40. Ràkúnmí ni ó ń gbé e rin nǹkan bí kìlómítà 700 nínú iyanrìn kí ó tó dé Tìmbúkítù. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a gbé e lọ sí gúúsù títí yóò fi wọ Yatenga, tí yóò sì dé Wogodogo. Bí iyọ̀ náà ṣe ń rìn jìnnà sí i ni wọ́n ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá ká oníṣòwò mọ́ ojú ọ̀nà tí kò sì rí ibi fi iyọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, èrè ìrìn-àjò náà yóò yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Obì ní tirẹ̀ kò fẹ́ òjò púpọ̀, kò sì fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ obì mọ èyí. Tí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, yóò rà. Tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ lù ú, yóò rọ, yóò sì dúdú. Kòkòrò tó ń jẹ obì a máa wọ inú rẹ̀ láti oko, kan ṣoṣo tí ó bá sì ti bàjẹ́ lè kó bá gbogbo àpò. Nítorí náà, ewé tútù ni wọ́n fi ń wé e nínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò dúró, wọn yóò tú ẹrù palẹ̀, wọn yóò ṣa èyí tí ó ti ní ihò tàbí àbàwọ́n kúrò, wọn yóò wọ́n omi díẹ̀ sí ìyókù, wọn yóò sì fi ewé mìíràn wé e. Iṣẹ́ yìí ni ó ń pinnu bóyá oníṣòwò yóò jèrè tàbí kò ní jèrè. Ẹni tó bá ń kánjú dé ọjà tí kò tú ẹrù wò lójú ọ̀nà lè dé ibẹ̀ kí ó wá bá apẹ̀rẹ̀ tó kún fún obì jíjẹrà.

Níbi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti obì ti ń pàdé ni Sálágà, ní ilẹ̀ Gonja, ní àríwá Gánà òde òní. Kì í ṣe pé igi obì pọ̀ ní Gonja. Igbó Àṣáńtì tó wà ní gúúsù ni obì náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹran arẹrù kì í pẹ́ kú nínú igbó, nítorí eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun pọ̀ níbẹ̀. Orí ènìyàn ni obì ń bá jáde láti inú igbó, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó sì ń bá lọ láti Sálágà. Ìdí nìyẹn tí ọjà ńlá náà fi wà ní etí ọ̀dàn gan-an. Yorùbá pàápàá mọ orúkọ ibẹ̀ láìmọ̀ ọ́n, torí pé obì tí a ń pè ní gbànja, tí a fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára obì àbàtà, orúkọ Gonja ni ó ń jẹ́. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rà á ni ó lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ó ti hù.

Ta ni ó ń rin ọ̀nà yìí? Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ọba. Àwọn Yarse ni. Àwọn baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Mande wá láti ìwọ̀-oòrùn, Mùsùlùmí ni wọ́n, oníṣòwò àti ahunṣọ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Nígbà tó yá, èdè Mósì ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń gbé ní àdúgbò tiwọn ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ìlú Mósì. Aṣọ tí wọ́n ń hun kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ òfì: ó tín-ín-rín, ó gùn, wọ́n a ká a bí igbá, wọ́n a sì gé e ní ìwọ̀n tí oníbàárà bá fẹ́. Aṣọ yìí ni wọ́n ń gbé lọ sí àríwá láti fi ra iyọ̀, òun náà sì ni wọ́n ń gbé lọ sí gúúsù pẹ̀lú iyọ̀ láti fi ra obì. Ní ọjà kéékèèké, tó máa ń ná ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná.

Àdéhùn tó wà láàárín àwọn Yarse àti ààfin rọrùn láti sọ. Ọba ń dáàbò bo ọ̀nà àti ọjà, ìjòyè kan sì wà ní ààfin tí wọ́n ń pè ní Raga Naba, ọ̀gá ọjà. Àwọn Yarse ń fún ọba ní ẹ̀bùn iyọ̀, obì àti aṣọ, wọn kì í du oyè, wọn kì í sì í lọ sógun bí àwọn ọmọ ọba. Ọba kò ṣòwò, oníṣòwò kò jọba. Lójú tèmi, ìpínṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ìjọba náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ààfin wó.

Ẹṣin ni agbára ọba. Nínú àwọn ìjòyè ńlá, Widi Naba, tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin, wà lára àwọn tí ó ga jù. Títí di òní, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣì ń di ẹṣin Mogo Naba ní gàárì níwájú ààfin. Ọba a jáde nínú aṣọ pupa bí ẹni tó ń lọ sí ogun, àwọn ìjòyè a foríbalẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ, a padà wọlé, wọn a tú gàárì ẹṣin, ọba a sì tún jáde nínú aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n ẹṣin wọ́n, oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ọba fi ń san owó rẹ̀ ni ó burú jù nínú ìtàn yìí: ènìyàn ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin a máa kọlu abúlé àwọn Gurunsi ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, àwọn tí kò ní ọba ńlá tó lè kó ogun jọ fún wọn. Àwọn tí wọ́n bá mú, wọn a pààrọ̀ wọn fún ẹṣin, tàbí kí wọ́n bá èrò lọ sí Sálágà, níbi tí ọjà ẹrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà obì. A kò lè sọ ìtàn obì gbànja ní Wogodogo kí a sì yọ èyí sílẹ̀.

Ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ lójú, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ni Louis-Gustave Binger, ọ̀gágun ọmọ Faransé. Gottlob Adolf Krause, ọmọ Jámánì, ti ṣáájú rẹ̀ dé Wagadugu ní 1886, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ Binger ni ó kún jù. Ó kúrò ní Bamako ní 1887, ó gba Sikaso àti Kong kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Mósì ní oṣù kẹfà ọdún 1888 pẹ̀lú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ọjà, bí oníṣòwò. Kí ó tó dé olú-ìlú, ó kọ́kọ́ yà sí Banema, níbi tí ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Bukari Kutu ń gbé.

Àbúrò Mogo Naba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Naba Sanem, ni Bukari. Nígbà tí bàbá wọn, Naba Kutu, kú ní 1871, Bukari náà du oyè, kò rí i gbà, wọ́n sì lé e kúrò nítòsí ààfin. Banema wà lẹ́bàá ilẹ̀ Gurunsi. Nígbà tí owó tàbí oúnjẹ bá wọ́n fún un, ó ń rán àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lọ mú ènìyàn. Binger wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó ìgbèkùn dé. Síbẹ̀ ọmọ ọba yìí kan náà gbà á ní àlejò tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún un lóúnjẹ, ó sì fún un ní ẹ̀bùn. Òyìnbó náà fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá ń ka àkọsílẹ̀ náà lónìí, ó ṣòro láti má ṣe kíyè sí bí ẹ̀yìn tí ó fi ń kan sáárá sí agbàlejò rẹ̀ ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa àwọn tí okùn wà lọ́rùn wọn.

Wagadugu já a kulẹ̀. Ó ti gbọ́ òkìkí Mogo Naba káàkiri, ó retí ìlú ńlá àti ààfin tó lọ́lá, ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ni ó bá, ó sì fojú bu iye àwọn ará ìlú sí nǹkan bí 5,000. Kò yé e pé ọlá ọba yìí kò sí nínú ilé. Iye ẹṣin tó lè pè jọ àti iye olóyè tó ń dọ̀bálẹ̀ fún un ni. Naba Sanem gbà á, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí àdéhùn kankan. Nígbà tí ìròyìn dé ààfin pé òyìnbó mìíràn tún ń ti gúúsù bọ̀, ìyẹn Curt von François, ọmọ Jámánì, ìfura ọba pọ̀ sí i. Ó ní kí Binger máa lọ. Ó wá gba gúúsù lọ, ó la ilẹ̀ Gurunsi kọjá, ó sì dé Sálágà ní oṣù kẹwàá.

Sálágà tí ó bá kì í ṣe Sálágà àtijọ́ mọ́. Títí di 1874, Àṣáńtì ni ó ń ṣàkóso ọjà náà. Ní ọdún yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Kumasi, Sálágà lo àǹfààní náà láti bọ́ kúrò lábẹ́ Àṣáńtì, Àṣáńtì sì gbẹ̀san lọ́nà tí oníṣòwò lè tètè mọ̀: wọ́n yí obì padà sí ọjà Kintampo ní ìwọ̀-oòrùn. Ní 1892, ogun abẹ́lé tún dé Sálágà, ó sì fọ́n àwọn oníṣòwò ká. Èyí kan ọba Wogodogo gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ bá ń kọjá nínú ọjà méjì tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju kí ó máa wòran nígbà tí wọ́n bá ń dí ọ̀kan nínú wọn.

Naba Sanem kú ní 1889. Lọ́tẹ̀ yìí Bukari kò dúró kí àwọn afọbajẹ tún yàn láì wo tirẹ̀. Ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wá, wọ́n sì fi í jẹ. Orúkọ oyè tó yàn ni Wobgo, erin. Ẹni tó ti ṣe Binger lálejò ní Banema kò wá fẹ́ rí òyìnbó sójú mọ́ bí ó ti gorí ìtẹ́. Ní 1890, dókítà Crozat wá láti ọ̀dọ̀ Faransé. Ọba bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ní 1891, Monteil dé, ọba kọ̀ láti rí i. Èyí kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà wọlé ni ìròyìn náà ń gbà, ààfin sì mọ ohun tí Faransé ń ṣe sí àwọn ọba lẹ́bàá odò Ọya.

Ẹni kan ṣoṣo tí ó rí ọwọ́ rẹ̀ gbà ni George Ekem Ferguson, ọmọ Fante láti Anomabu, tí ó jẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1894, Naba Wobgo bá a ṣe àdéhùn ọ̀rẹ́ àti ìṣòwò. Adúláwọ̀ ni Ferguson, láti ìhà obì ni ó sì ti wá. Mo rò pé èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé kan ṣe ń sọ ọ́ lọ. Lójú ọba, bóyá oníṣòwò láti gúúsù ni ó ń bá mulẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé yẹn ti di ẹ̀rí nínú ìjà àwọn òyìnbó lórí ilẹ̀.

Faransé kò dúró de ẹ̀rí. Ní 1895 wọ́n bá ọba Yatenga ṣe àdéhùn, nítorí ìjà oyè ń lọ níbẹ̀, ọba náà sì ń wá ẹni tí yóò gbè é. Àríwá, ẹnu ọ̀nà iyọ̀, ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, Paul Voulet àti Julien Chanoine kó àwọn ọmọ ogun wọn gba Wahiguya kọjá, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án wọ́n sì wọ Wagadugu. Ọ̀kọ̀ àti ọfà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹ́ṣin Mósì. Ìbọn tí wọ́n ń yìn léraléra láti òkèèrè ni wọ́n dojú kọ, ẹṣin kò sì lè sún mọ́ ọn. Naba Wobgo sá jáde, ó padà wá gbìyànjú láti gba ìlú rẹ̀, kò sì ṣeé ṣe. Voulet dáná sun ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, Faransé fi àbúrò Wobgo jọba. Naba Sigri ni orúkọ oyè rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé tó fi ìjọba náà sábẹ́ Faransé.

Àwọn Yarse ńkọ́? Wọ́n ń ṣòwò lọ. Kò sí ìdí tí wọn yóò fi dúró, nítorí oyè kò sí lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, iyọ̀ ṣì wà ní àríwá, obì ṣì wà ní gúúsù. Ìdíwọ́ tiwọn wá díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ìpínlẹ̀ ní Parisi, tí ó fi ilẹ̀ Mósì fún Faransé tí ó sì fi ilẹ̀ obì sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan ṣoṣo wá di apá méjì, pẹ̀lú oníbodè méjì. Faransé gbé owó orí lé ẹrù àwọn èrò, iyọ̀ òkun tí ọkọ̀ ń kó dé etíkun sì ń gòkè bọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Wagadugu ní 1954, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tún ní ohun púpọ̀ láti gbé lọ sọ́nà jíjìn mọ́.

Naba Wobgo ní tirẹ̀ ti gba ọ̀nà obì lọ sí gúúsù. Ó di ìwé 1894 mú lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá dáàbò bo ọ̀rẹ́ wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Donald Stewart, pàdé Voulet ní Tenkodogo. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jà. Lẹ́yìn ìwé 1898, kò sí ohun tó kù fún Gẹ̀ẹ́sì láti jà fún. Wobgo kò padà sí Wagadugu mọ́. Ní 1904 ni ó kú ní Zongoiri, ní ìhà Gambaga, ilẹ̀ tí ìtàn wọn sọ pé Yenenga ti gun ẹṣin jáde.